Fóìsì nóòtì ogún ìṣẹ́jú: bí a ṣe ń darí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá nílé

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá nínú ilé rẹ̀ ní Kabba, Ìsánlú tàbí Mọpà kò nílò irin, kò sì nílò kí ó wá jíìmù lọ. Àga kan, ògiri kan àti ẹní kan ti tó. Ohun tó sábà máa ń wọ́n ni ẹni tí yóò dúró tì í, tí yóò sọ fún un pé gìgísẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ tàbí pé ó ti sé èémí. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja tàbí Àbújá lè ṣe iṣẹ́ yìí fún ìyá tàbí bàbá rẹ̀ tó wà nílé. Kí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, kí ó fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, kí màmá gbé fóònù sórí tábìlì, kí wọ́n máa ṣe é bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ.

Àgbàlagbà tó ń rìn láìfi ọ̀pá, tó sì lè dìde lórí àga, kódà bó bá ní láti fi ọwọ́ ti itan, ni a ṣe ètò yìí fún. Ìdárayá mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: jíjókòó àti dídìde lórí àga, títi ògiri, àti gbígbé ìdí sókè lórí ẹní. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí wọ́n máa ṣe é, kí ó kéré tán ọjọ́ kan gbáko wà láàárín méjèèjì kí iṣan lè sinmi. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ dára.

Àwọn kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ẹni tí àyà máa ń fún mọ́ra bó bá ń gun òkè, ẹni tí òòyì máa ń kọ́, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé 180 lórí 110 nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àti aboyún. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tó lè fa ṣúgà wálẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe é lébi. Kí ó jẹun díẹ̀ ṣáájú, kí ohun dídùn kan sì wà nítòsí.

Ibi tí wọn yóò ti ṣe é

Àga oníke funfun tó wọ́pọ̀ nílé wa lè yọ̀ sẹ́yìn lórí táìsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè tẹ̀ bí ènìyàn bá jókòó sí etí rẹ̀. Ohun méjì ni ẹ óò ṣe. Ẹ ti ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ògiri, kí ẹ sì to àga méjì tó bára mu lé ara wọn. Méjèèjì papọ̀ lágbára ju ẹyọ kan lọ, ìjókòó á sì ga sí i díẹ̀, èyí tó dára fún orúnkún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ìrọ̀rí tó rọ̀ gbé àga ga, nítorí ìdí á rì sínú rẹ̀, dídìde á sì le jù.

Ní ìgbà ọyẹ́, eruku máa ń bo ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹsẹ̀ á sì máa yọ̀ bí ẹni bá ń ti ògiri. Ẹ gbá ibẹ̀, kí ẹ fi aṣọ tútù nù ún, kí ó gbẹ. Ẹsẹ̀ lásán tàbí bàtà tó ní ìdí rọ́bà ni kí wọ́n fi ṣe é. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan lórí táìsì léwu. Aṣọ ìró máa ń tú, ó sì máa ń há ẹsẹ̀ mọ́ra, nítorí náà ṣòkòtò ló dára jù. Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin tí oòrùn máa ń mú gan-an lápá wa, aago mẹ́fà àárọ̀ ló dára, kí yàrá tó gbóná. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń lọ mú kajú lóko lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sún un sí ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀yìn àti itan tó ti bẹ̀rẹ̀ tó tún dìde látàárọ̀ kò nílò àfikún.

Bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ìdarí

Ọ̀rọ̀ ìdarí ni gbólóhùn kúkúrú tó ń sọ fún ara ohun tó máa ṣe. Bí ẹ bá sọ pé “Ẹ gbé àyà sókè, ẹ ti orúnkún síta, ẹ mí síta, ẹ tẹ gìgísẹ̀” lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń gbọ́ á di èyí tó kẹ́yìn mú, ìyókù á bọ́. Ẹyọ kan ni kí ẹ sọ, kí ẹ sì sọ ọ́ kí ó tó gbéra. Ẹni tó ti dé agbedeméjì ìdìde kò lè tún ẹsẹ̀ gbé mọ́. Bó bá gbìyànjú rẹ̀, ó lè ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tọ́ka sí ilẹ̀, àga tàbí ògiri ju iṣan lọ. Bí ẹ bá sọ pé “Ẹ fún iṣan itan,” màmá á tẹ orí wo itan wọn, ẹ̀yìn á sì ká. Bí ẹ bá sọ pé “Ẹ ti ilẹ̀ sísàlẹ̀,” itan á ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, orí á sì wà níbi tó yẹ. Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ fi ohun tí ẹ kò fẹ́ sílẹ̀. “Ẹ má jẹ́ kí orúnkún wọlé” á mú kí ọkàn lọ sórí kí orúnkún wọlé. “Orúnkún sí ìka ẹsẹ̀” kúrú, ó sì ṣeé tẹ̀ lé.

Ìdákẹ́jẹ́ náà jẹ́ apá kan iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ tó ń gba ohùn sílẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, débi pé ẹni tó ń ṣe é kò gbọ́ èémí ara rẹ̀. Bí ẹ bá ka “kan, méjì, mẹ́ta”, ẹ dákẹ́. Àti pé kí ẹ fi ìdárayá kọ̀ọ̀kan sínú fóìsì nóòtì tirẹ̀. Bí ó bá rẹ màmá, wọ́n lè sinmi pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ èyí tó kàn. Fóìsì nóòtì gígùn kan ṣoṣo kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Fóìsì nóòtì kìíní: mímú ara gbóná, ìṣẹ́jú mẹ́rin

“Òkun o, Màmá. Ẹ dìde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ọwọ́ kan lórí ògiri.”
“Ẹ máa rìn lójú kan. Díẹ̀díẹ̀.” (Ìṣẹ́jú kan.)
“Ẹ máa mi apá bí ẹ ṣe ń rìn.” (Ìṣẹ́jú kan.)
“Ẹ dúró. Ẹ yí èjìká sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá.”
“Ẹ di ògiri mú. Ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá.”
“Ẹ tún rìn lójú kan. Ẹ gbé orúnkún ga díẹ̀ sí i.” (Ìṣẹ́jú kan.)
“Ẹ dárúkọ ọmọ yín gbogbo fún mi láìsinmi.”

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tí ara rẹ̀ ti gbóná dáadáa lè sọ gbólóhùn kan tán láìsinmi, ṣùgbọ́n kò ní lè kọrin pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Bí wọ́n bá ń dá ọ̀rọ̀ dúró ní ọ̀rọ̀ méjì méjì, eré ti pọ̀ jù, kí wọ́n fà á sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ tí ara le, ẹ fi ìṣẹ́jú méjì kún un.

Fóìsì nóòtì kejì: jíjókòó àti dídìde

Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà sì ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ẹ gbà á sílẹ̀ báyìí:

“Ẹ jókòó sí etí àga. Ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ìbàdí.”
“Ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí gìgísẹ̀ wà lábẹ́ orúnkún.”
“Ọwọ́ kọjá lórí àyà.”
“Imú sí iwájú, kí ó dé orí ìka ẹsẹ̀.”
“Ẹ mí síta, ẹ ti ilẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ dìde.”
(Ìdákẹ́jẹ́.)
“Ìdí lọ sẹ́yìn. Ẹ wá àga. Kan… méjì… mẹ́ta. Jókòó.”
(Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ìsinmi ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tún ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́fà.)

Ìdí tí imú fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ síwájú ni pé ìwúwo ara gbọ́dọ̀ kúrò lórí àga kí ó wá sórí ẹsẹ̀. Ẹni tó bá gbìyànjú láti dìde pẹ̀lú ẹ̀yìn tó nà ṣanṣan á padà jókòó, á sì ro pé ẹsẹ̀ òun kò lágbára, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí ó fi ìwúwo sí ni ìṣòro. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ wà jìnnà síwájú, kò sí bí wọ́n ṣe lè dìde láìju ara sókè. Bó bá sì wà lẹ́yìn jù, gìgísẹ̀ á gbéra.

Ìdìde nìkan kọ́ ni iṣẹ́. Ìjókòó tí a kà dé mẹ́ta ló ń fún itan ní agbára jù, òun náà ló sì ń fi àṣìṣe hàn. Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni tó wà nílé ya fídíò kúkúrú kan láti iwájú, lọ́jọ́ kìíní. Ẹ wo orúnkún nígbà tí ìdí bá fẹ́ kan àga. Bó bá ń wọlé, tó ń sún mọ́ ẹnìkejì rẹ̀, iṣan ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ti rẹ̀ ẹ́ tàbí kò tíì lágbára tó. Èyí lè mú kí orúnkún máa dùn wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n fẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i, kí wọ́n yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ síta díẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ìdarí kan ṣoṣo kún fóìsì nóòtì náà: “Orúnkún sí ìka ẹsẹ̀ kejì.” Èyí ni ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò.

Bí ẹ bá gbọ́ “gbì!” nígbà tí wọ́n jókòó, wọ́n ti jábọ́ ní ìparí. Àga ti rẹlẹ̀ jù fún agbára wọn, tàbí ó ti rẹ̀ wọ́n jù. Ẹ gbé àga ga tàbí kí ẹ dín iye kù, kí ẹ má sọ pé kí wọ́n tiraka. Ẹni tí kò bá lè dìde láìfi ọwọ́ ti itan, kí ó fi ọwọ́ kan ti itan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kó fi ìka nìkan tì í, títí tí ọwọ́ yóò fi kúrò.

Èémí náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sé èémí tó sì tiraka, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á fò sókè fún ìgbà díẹ̀, èyí kò sì dára fún ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí “mí síta” fi ṣáájú “dìde” nínú ọ̀rọ̀ ìdarí. Bí wọ́n bá gbàgbé, ẹ ní kí wọ́n máa ka iye jáde lẹ́nu, nítorí ẹni tó ń ka iye kò lè sé èémí.

Fóìsì nóòtì kẹta: títi ògiri

Ògiri tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ló dára, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn lè ṣí.

“Ẹ kọjú sí ògiri. Ẹ na apá síwájú. Àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri ní ìwọ̀n àyà.”
“Ẹ fi ìgbésẹ̀ kúkúrú kan sẹ́yìn.”
“Ara gún láti orí dé gìgísẹ̀. Àyà lọ síbi ògiri: kan, méjì, mẹ́ta.”
“Ẹ mí síta, ẹ ti ògiri lọ.”
(Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, ìsinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ.)

Àyà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sún mọ́ ògiri. Bó bá jẹ́ pé imú tàbí ikùn ni, ọrùn ti yọ síwájú tàbí ìbàdí ti rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìdarí fún èyí ni: “Ẹ fi àgbọ̀n sẹ́yìn, ẹ fi àyà lọ.” Ìgúnpá gbọ́dọ̀ wà láàárín, kò gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ìhà, kò sì gbọ́dọ̀ ṣí síta bí ìyẹ́ adìẹ. Bí èjìká bá ń gun etí, wọ́n ti dúró jìnnà jù. Ẹ ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Bí ọrùn ọwọ́ bá ń dùn wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n yí ìka ọwọ́ síta díẹ̀.

Fóìsì nóòtì kẹrin: gbígbé ìdí sókè

Ẹni tó ṣòro fún láti dìde lórí ẹní lè ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì tó le. Ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀nà tí wọ́n fi ń dùbúlẹ̀ sílẹ̀: kúnlẹ̀, fi ọwọ́ tẹlẹ̀, fi ìhà kan lélẹ̀, kí wọ́n yí sẹ́yìn. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń dìde.

“Ẹ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ tẹ orúnkún, àtẹ́lẹsẹ̀ lélẹ̀. Ọwọ́ ní ìhà.”
“Ẹ mí síta. Ẹ tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ìdí dìde.”
“Ẹ dúró: kan, méjì. Ẹ máa mí.”
“Ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.”
(Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, ìsinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ.)

Kí ìdí dìde débi tí èjìká, ìbàdí àti orúnkún fi gún, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Bó bá kọjá, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ìdí, ibẹ̀ ló sì máa dùn wọ́n lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ̀yìn itan bá há lójijì, ẹsẹ̀ ti jìnnà sí ìdí jù, kí wọ́n fà á wá.

Lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n rìn lójú kan fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta kí èémí wálẹ̀, kí wọ́n mu omi. Gbogbo rẹ̀ kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Bí ẹ ṣe ń ka àbájáde: àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ ká mú màmá ẹni ọdún 58 kan ní Ìyàrà, tó ń ta gàrí, tí orúnkún ọ̀tún máa ń fún un bó bá ti jókòó pẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ṣe ìjókòó àti ìdìde ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì lórí àga oníke kan ṣoṣo. Fídíò fi hàn pé orúnkún ọ̀tún ń wọlé láti ìgbà kẹrin, ó sì ń jábọ́ sórí àga ní ìgbà karùn-ún. Ó sọ pé ìrora orúnkún náà tó márùn-ún nínú mẹ́wàá.

Ohun tí a ó ṣe kò ju mẹ́ta lọ. Àga di méjì tí a to lé ara wọn. Iye di ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ ìdarí “Orúnkún sí ìka ẹsẹ̀ kejì” wọlé kí ó tó dìde àti kí ó tó jókòó. Bí ìrora bá wálẹ̀ sí mẹ́ta tàbí kó kéré, tó sì ti lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó wà lójú ọ̀nà. A ó fi méjì kún iye ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: mẹ́fà, mẹ́jọ, mẹ́wàá. Ìgbà tó bá lè ṣe méjìlá lẹ́ẹ̀mejì, tí ó sì ń ka dé mẹ́ta ní ìgbà tó kẹ́yìn láìjábọ́, la ó mú àga kan kúrò, tí a ó sì padà sí mẹ́fà. Bí ìrora bá ju mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, ẹ má fi kún un. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí ẹni tó ń ṣe fisiotẹ́rápì wo orúnkún náà.

Ìrora iṣan yàtọ̀ sí ìrora oríkèé. Iṣan itan lè máa dùn wọ́n láti ọjọ́ kejì títí dé ọjọ́ kẹta, á sì dùn kárí itan bí ìgbà tí wọ́n gun òkè. Ìyẹn kì í ṣe àmì ìpalára, wọ́n lè máa rìn lé e. Èyí tó ń gún ní ojú kan lórí oríkèé, tó ń wú, tàbí tó mú wọn tiro, ni kí wọ́n dá dúró fún.

Fóìsì nóòtì karùn-ún, kí ẹ fi ránṣẹ́ ṣáájú gbogbo ìyókù

“Màmá, bí àyà bá fún yín, bí ìrora bá lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, bí òòyì bá kọ́ yín, bí èémí kò bá wálẹ̀, ẹ jókòó lójú ẹsẹ̀.”
“Ẹ pe ẹni tó wà nílé.”
“Bí kò bá lọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má dúró de ìpè mi.”

Bí ìrora àyà náà bá le láti ìbẹ̀rẹ̀, tí òógùn tútù sì ń bò wọ́n, kí wọ́n má dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn rárá, kí wọ́n wá mọ́tò. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí padà fún yín lórí fóònù kí wọ́n tó ṣe ọjọ́ kìíní. Bí wọn kò bá rántí àmì méjì, ó kéré tán, ẹ tún un sọ fún wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń gbé pẹ̀lú wọn náà gbọ́ ọ.